Ta ló sé ọkàn Fáráò le?

Ọmọbìnrin Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Mùsùlùmí ni ìyá mi, Kristẹni ni bàbá mi, àwọn méjèèjì ló sì ń sọ ìtàn Mósè àti Fáráò fún wa láti kékeré. Bó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ló sé ọkàn Fáráò le, kí ló dé tó tún fìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ọkàn rẹ̀ le? Ṣé ohun kan náà ni Bíbélì àti Àlùkùránì sọ nípa rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn láti inú ìwé, nítorí wọ́n ti sọ fún mi tó pé àṣírí Ọlọ́run ni.

Ọmọ Ìdènà (Kétu)

Àbúrò mi, o kú ìbéèrè. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katikísìmù ní ìjọ Àgùdà tiwa níbí, ohun tí mo sì máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fara balẹ̀ ka Ẹ́ksódù létòlétò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá Ọlọ́run ṣẹjọ́. Ìyọnu mẹ́wàá ló dé bá Íjíbítì. Nínú márùn-ún àkọ́kọ́, Fáráò fúnra rẹ̀ ló ń sé ọkàn ara rẹ̀ le. Ìgbà tó di ìkẹfà, ìyẹn eéwo, ni Bíbélì tó sọ pé Olúwa ló sé e le, ní orí 9, ẹsẹ 12. Ọlọ́run fún un láyè lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, Ọlọ́run wá fi í lé ohun tó ti yàn lọ́wọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Olùkọ́ Àgbà (Àjàṣẹ́)

Ọmọ Ìdènà, ibi tí ẹ ti gbá ọ̀rọ̀ náà mú dára, nítorí òótọ́ ni pé ìyọnu kẹfà ni ìtàn náà ti kọ́kọ́ sọ ní kedere pé Olúwa ṣe é. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì bùṣe. Ẹ padà sí orí 4, ẹsẹ 21, àti orí 7, ẹsẹ 3: kí Mósè tó fẹsẹ̀ tẹ ààfin rárá ni Ọlọ́run ti sọ fún un pé òun yóò sé ọkàn ọba náà le. Ẹ tún wo ìyọnu márùn-ún náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọ́ àti lẹ́yìn eṣinṣin, ìwé náà sọ pé Fáráò sé ọkàn rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn iná orí àti lẹ́yìn ikú ẹran ọ̀sìn, ohun tó wà níbẹ̀ kò ju pé ọkàn rẹ̀ le lọ, kò dárúkọ ẹni tó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn tí Olúwa ti sé ọkàn rẹ̀ le nígbà eéwo, yìnyín rọ̀, ó dá, Fáráò sì tún ṣẹ̀, ó tún sé ọkàn ara rẹ̀ le, òun àti àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀, ní orí 9, ẹsẹ 34. Ẹsẹ àkọ́kọ́ nínú orí 10 ni Ọlọ́run ti sọ pé, "Èmi ni mo sé ọkàn rẹ̀ le." Ẹni tó kọ ìtàn yìí kò pín iṣẹ́ náà sí ìdajì fún Fáráò àti ìdajì fún Ọlọ́run. Iṣẹ́ kan náà ló ń kà sí àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníwàásù kì í sábà dúró lé lórí. Ní orí 9 yìí kan náà, kí yìnyín tó rọ̀, Mósè kìlọ̀ pé kí wọ́n kó ẹran wọlé, ẹsẹ 20 sì sọ pé àwọn kan lára àwọn ìránṣẹ́ Fáráò bẹ̀rù ọ̀rọ̀ Olúwa, wọ́n sì kó ẹrú àti ẹran wọn sá wọlé. Ààfin kan náà ni wọ́n ń sìn, ìkìlọ̀ kan náà ni wọ́n gbọ́, àwọn mìíràn sì fi ẹran tiwọn sílẹ̀ nínú pápá. Bí Olúwa ti ń sé ọkàn ọba le, ilẹ̀kùn kò tì mọ́ àwọn tó yí i ká.

Láti ayé àtijọ́ ni ìjọ Ọlọ́run ti pín sí méjì lórí èyí. Órígẹ́nì ará Alẹkisáńdríà, ẹni tó kú ní nǹkan bí ọdún 254, sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run kan náà ló ń bọ́ sórí gbogbo ènìyàn, bí oòrùn kan náà ṣe ń yọ́ ìda tó sì ń mú kí amọ̀ gan. Ohun tó wà nínú ọkàn Fáráò ló mú kí iṣẹ́ ìyanu sọ ọ́ di líle. Ọ́gọ́sítínì, bíṣọ́ọ̀bù Hípò ní ilẹ̀ Áfíríkà níbí, gba ọ̀nà mìíràn nínú ìwé tó kọ sí Simplísíánù ní nǹkan bí ọdún 397. Ó ní Ọlọ́run kò fi ohun búburú kankan sínú ọkàn Fáráò, àánú ni kò fi fún un, àánú náà kì í sì í ṣe ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè tí ọmọ wa bi kò kan ti Órígẹ́nì tó bẹ́ẹ̀. Ti Ọ́gọ́sítínì gan-an ló bá, nítorí ẹni bá ti gbọ́ èsì rẹ̀ yóò fẹ́ mọ ìdí tí àánú fi kan ẹnì kan tí kò kan ẹnì kejì, Ọ́gọ́sítínì fúnra rẹ̀ sì dá a padà sí orí 9 ìwé Róòmù pé ìdájọ́ Ọlọ́run tọ́, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kò tó o.

Àlùfáà Ṣábẹ

Àsàlámù àlékúmù gbogbo ilé. Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. N óò sọ tiwa bó ṣe wà nínú Àlùkùránì.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú Súrà 20, ẹsẹ 44. Nígbà tí Ọlọ́run ń rán Ànábì Mùsá àti Hárúnà sí Fìrìáónà, ó ní kí wọ́n bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá yóò rántí tàbí kí ó bẹ̀rù. Ọlọ́run tó mọ ìparí rẹ̀ ló ń pàṣẹ ọ̀rọ̀ tútù fún un. Àwọn àlùfáà tiwa di ẹsẹ yìí mú gírígírí, nítorí bó bá jẹ́ pé ọkùnrin náà kò ní agbára àtigbọ́ rárá, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tí wọ́n rán sí i kò ní ìtumọ̀. Aya rẹ̀ wà nínú ilé náà, Ọlọ́run sì fi obìnrin náà ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn onígbàgbọ́ nínú Súrà 66. Àwọn onídán tí òun fúnra rẹ̀ pè wá forí kanlẹ̀ lójú rẹ̀, wọ́n sì gba Olúwa Mùsá àti Hárúnà gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó halẹ̀ pé òun yóò gé wọn lọ́wọ́ àti ẹsẹ̀. Ohun tí Olùkọ́ sọ nípa àwọn ìránṣẹ́ tó kó ẹran wọlé, ó jọ èyí gan-an.

Súrà 40, ẹsẹ 35, ló wá sọ bí ọkàn ṣe ń di. Ọkùnrin kan nínú ìdílé Fìrìáónà tó fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni a sì ti kà pé báyìí ni Ọlọ́run ṣe ń fi èdìdì di ọkàn gbogbo onígbéraga afipámúni. Ìgbéraga ló ṣáájú, èdìdì ló tẹ̀ lé e. Súrà 61, ẹsẹ 5, sọ bákan náà nípa àwọn ènìyàn Mùsá fúnra wọn: nígbà tí wọ́n yẹ̀, Ọlọ́run mú kí ọkàn wọn yẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní fi apá kan pamọ́ fún ọmọ wa. Nínú Súrà 10, ẹsẹ 88, Ànábì Mùsá ló tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kí ó mú ọkàn Fìrìáónà àti àwọn ìjòyè rẹ̀ le, kí wọ́n má baà gbàgbọ́ títí wọn yóò fi rí ìyà ẹlẹ́ta-elero, Ọlọ́run sì gba àdúà náà. Ẹsẹ yìí ni ó ń fa ìjà láàárín àwọn onímọ̀.

Ìyá Onígàrí (Kétu)

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi bí n kò bá lóye gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Àbúrò mi ọkùnrin kú ní ojú ọ̀nà ní ọdún tó kọjá, alùpùpù ló gbé e, ẹni tó gbé e sì ń sáré àsápajúdé. Nígbà tí a ń sọ pé kí ẹni náà dáhùn, àwọn ará ilé wa kan ní kí á dákẹ́, pé kádàrá àbúrò mi ni, àkọsílẹ̀ ni, kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́. Àwọn Kristẹni inú ẹbí náà sọ pé àkókò rẹ̀ ló tó. Ìgbà tí mo rí ọ̀rọ̀ yín yìí ni mo wá rò pé kí n bi yín: ṣé ẹni tó sáré náà kò jẹ̀bi ni?

Àlùfáà Ṣábẹ

Ìyá, Ọlọ́run yóò fi ọ̀run kẹ́ àbúrò yín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún yín yẹn kò dára, n óò sì sọ ìdí rẹ̀.

Súrà 4, ẹsẹ 92, sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ṣèèṣì pa onígbàgbọ́. Kò mọ̀ọ́mọ̀, síbẹ̀ Ọlọ́run ní kí ó dá ẹrú kan sílẹ̀ ní òmìnira, kí ó sì san owó ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ẹbí òkú, àfi bí wọ́n bá fi ta á lọ́rẹ; ẹni tí kò bá sì rí ẹrú yóò gbààwẹ̀ oṣù méjì léraléra. A gbàgbọ́ pé ọjọ́ ikú olúkúlùkù wà ní àkọsílẹ̀, òfin kan náà sì gbé gbèsè lé ẹni tó ṣèèṣì lọ́rùn. Bí kádàrá bá ń pa ẹ̀bi rẹ́ ni, ẹsẹ náà ìbá má sọ̀kalẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ ti Sàídínà Úmárù. Ní nǹkan bí ọdún 639, ó ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, ó sì ti dé ibi kan tí wọ́n ń pè ní Sárígì nígbà tí àwọn olórí ogun wá pàdé rẹ̀ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà níwájú. Ó pe àwọn àgbà jọ ní ẹgbẹẹgbẹ́, ó gbọ́ ẹnu wọn, ó sì pinnu láti yí padà. Abú Úbáídà, ọ̀kan lára àwọn olórí ogun náà, bi í pé, "Ṣé kádàrá Ọlọ́run lẹ ń sá fún?" Úmárù dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ń sá kúrò nínú kádàrá Ọlọ́run bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́run. Abú Úbáídà padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun rẹ̀, àrùn náà ló sì pa á. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì tó sẹ́ kádàrá. Ohun tí Úmárù mọ̀ ni pé ìkìlọ̀ tí òun gbọ́, ìmọ̀ràn tí òun gbà àti ẹsẹ̀ tí òun fi padà, gbogbo rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ náà.

Ìyá Onígàrí (Kétu)

Ẹ ṣeun, Àlùfáà. N óò fi han ẹ̀gbọ́n mi.

Ọ̀dọ́ Olùkéwú (Àjàṣẹ́)

Àlùfáà, ẹ forí jì mí, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹ ń fi ọwọ́ rọra mú ọ̀rọ̀ náà jù. Hádíísì Íbínù Másúúdù wà nínú Búhárì àti Músílímù pé nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú ìyá rẹ̀ ni a ti ń rán málááíkà sí i láti kọ arísìkí rẹ̀, ọjọ́ ikú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àti bóyá olóríire ni tàbí olóríibú. Kí Fìrìáónà tó mọ̀ pé òun wà láyé ni wọ́n ti kọ tirẹ̀ parí. Kí ni ìgbéraga rẹ̀ tún fẹ́ ṣáájú?

Àlùfáà Ṣábẹ

Ọmọ mi, hádíísì náà fìdí múlẹ̀, n kò sì ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn Sàhábà ti bi Ànábì ní ìbéèrè rẹ yìí kan náà, ìdáhùn sì wà nínú ìwé méjèèjì tí o dárúkọ. Sàídínà Álì sọ pé àwọn wà níbi ìsìnkú kan ní Bákíì, Ànábì wá jókòó, igi kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ń ha ilẹ̀. Ó ní kò sí ọkàn kan tí a kò ti kọ àyè rẹ̀ sílẹ̀ ní àlùjánnà tàbí nínú iná. Wọ́n bi í pé ṣé kí àwọn wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí àwọn gbára lé àkọsílẹ̀ náà. Ó ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́, nítorí olúkúlùkù ni a mú ohun tí a dá a fún rọrùn fún, ó sì ka Súrà 92, níbi tí a ti sọ pé ẹni tó bá ta ọrẹ tó sì bẹ̀rù Ọlọ́run, a óò mú ọ̀nà ìrọ̀rùn rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹni tó bá sì ṣahun tó sì pe òtítọ́ ní irọ́, a óò mú ọ̀nà ìnira rọrùn fún un. O rí i pé iṣẹ́ ẹ̀dá wà láàárín àkọsílẹ̀ àti ibi tí yóò dé. Ẹni tó yọ iṣẹ́ kúrò láàárín ti di ọmọ ẹ̀yìn Jáhámù ọmọ Sáfúwánì, tó ní a kò lè sọ pé ènìyàn ṣe nǹkan kan àfi bí a ṣe ń sọ pé oòrùn wọ̀. Àwọn Súnnì kò gba ìyẹn.

Àwọn Mùtásílà, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí àtijọ́ kan, lọ sí òdì kejì. Wọ́n ní Ọlọ́run olódodo kò lè dá iṣẹ́ búburú sínú ẹ̀dá kí ó tún fìyà rẹ̀ jẹ ẹ́, nítorí náà ẹ̀dá ló ń ṣẹ̀dá iṣẹ́ ara rẹ̀, èdìdì tí a ń kà nípa rẹ̀ sì jẹ́ àkàwé ọ̀rọ̀ lásán. Ábúlíhásánì Al-Áṣárì, tó kú ní ọdún 936, ti wà pẹ̀lú wọn rí kí ó tó kúrò. Òun ló kọ́ wa pé Ọlọ́run nìkan ló ń dá gbogbo nǹkan, títí kan ìṣípòpadà ọwọ́ mi tí mo fi ń tẹ̀wé yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀dá ló ń gba iṣẹ́ náà sí ọrùn ara rẹ̀, ìyẹn ni à ń pè ní kásíbù. Ẹnikẹ́ni ló mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ tí òtútù ń gbọ̀n àti ọwọ́ tó nà láti jalè. Ti àkọ́kọ́ kò ní ìbéèrè, ti èkejì ní. Ohun tí èmi náà kọ́ ní ilé kéwú nìyẹn, ohun tí mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn. N óò sọ òótọ́, àwọn tó ń bá wa jiyàn láti ayé Al-Áṣárì ti ń bi wá pé kí gan-an ni ẹ̀dá fi kún iṣẹ́ náà bí Ọlọ́run bá ti dá gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Al-Máturídì ará Samakándì, tó kú ní ọdún 944, dáhùn pé yíyàn gan-an ti ẹ̀dá ni, wọ́n sì fún yíyàn náà ní ipò tó lágbára ju tiwa lọ.

Olùkọ́ Àgbà (Àjàṣẹ́)

Àlùfáà, ohun tí ẹ kọ yìí ló jẹ́ kí n rí ibi tí ọ̀nà ti yà gan-an, kì í sì í ṣe ibi tí àwọn ènìyàn máa ń rò. Wọ́n a máa sọ pé Mùsùlùmí gba kádàrá, Kristẹni gba òmìnira. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ka Lútà rí. Ní ọdún 1524, Ẹ́rásímù, onímọ̀ Kristẹni kan, kọ̀wé láti gbèjà òmìnira ìfẹ́-inú, ó sì gbé ìtumọ̀ Órígẹ́nì nípa Fáráò kalẹ̀. Ní ọdún 1525 Lútà dá a lóhùn pé ìfẹ́-inú Fáráò ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀, Ọlọ́run tí kì í dẹ́kun iṣẹ́ sì ń mì í bó ṣe ń mi gbogbo ẹ̀dá, nítorí náà ibi ló ń jáde láti inú rẹ̀, kò sì lè ṣe òmíràn. Ìpàdé Dọ́tì ní ilẹ̀ Họ́láńdì, láti ọdún 1618 dé 1619, fìdí àyànmọ́ múlẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn Kálfínì. Àwa Mẹ́tọ́díìsì kọ̀ ọ́. Jọ́ọ̀nù Wẹ́sílì wàásù lòdì sí i ní ọdún 1739, pẹ̀lú ìgbóná ọkàn, ó ní ẹ̀kọ́ náà sọ Ọlọ́run di ẹni tó burú ju èṣù lọ. Àárín ìjọ ni ààlà náà gbà kọjá, bó ṣe gba àárín àwọn Mùsùlùmí kọjá.

Ibi tí a ti yàtọ̀ ni ohun tí olúkúlùkù ń bẹ̀rù láti sọ nù. Lọ́dọ̀ yín, ìjà náà dá lórí ẹni tó ń dá iṣẹ́: ẹnì kan kò fẹ́ kí ẹlẹ́dàá méjì wà, ẹnì kejì kò fẹ́ kí Ọlọ́run di aláìṣòdodo. Lọ́dọ̀ wa, Ádámù ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Pẹlájíù sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù kò ba agbára wa láti ṣe rere jẹ́, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà sì dá ẹ̀kọ́ náà lẹ́bi ní Kátéèjì ní ọdún 418. Láti ìgbà náà, a kì í bi ara wa pé ta ló dá iṣẹ́ Fáráò. Ohun tí à ń bi ni pé bóyá ọmọ Ádámù lè yíjú sí Ọlọ́run láìjẹ́ pé oore-ọ̀fẹ́ kọ́kọ́ fà á. Wẹ́sílì pàápàá gbà pé kò lè ṣe é, ohun tó fi kún un ni pé oore-ọ̀fẹ́ náà kan gbogbo ènìyàn, Fáráò wà lára wọn, ènìyàn sì lè kọ̀ ọ́.

Àlùfáà Ṣábẹ

Òótọ́ lẹ sọ. Lọ́dọ̀ wa, Ádámù ṣẹ̀, ó tọrọ àforíjì, Ọlọ́run sì gbà á, ọ̀rọ̀ náà parí sí ọrùn òun nìkan. Ọmọ rẹ̀ kò jogún ẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà Fìrìáónà kò bá ìbàjẹ́ kankan nínú ọkàn rẹ̀ wáyé.

Ọmọbìnrin Àjàṣẹ́

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ohun kan ṣì kù. Mo lọ ka Súrà 10 náà pẹ̀lú ìyá mi, mo sì rí i pé nígbà tí omi fẹ́ pa Fìrìáónà, ó ní òun gbàgbọ́. Bí èdìdì bá ti wà lórí ọkàn rẹ̀, báwo ló ṣe lè sọ bẹ́ẹ̀?

Àlùfáà Ṣábẹ

Ọmọ mi, o ka ìwé dáadáa. Ẹsẹ 90 ni, èsì tó gbà sì wà ní ẹsẹ 91: "Nísinsìnyí? O ti ṣàìgbọràn tẹ́lẹ̀!" Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn onímọ̀ sọ pé ìyà tó fojú rí ló fa ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Mùsá ṣe tọrọ rẹ̀ gan-an pé kí wọ́n má gbàgbọ́ títí wọn yóò fi rí ìyà, irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣàǹfààní. Ṣùgbọ́n Íbínù Árábì, tó kú ní ọdún 1240, kọ ọ́ pé Fìrìáónà kú ní mímọ́. Àwọn onímọ̀ púpọ̀ bínú sí i, àwọn díẹ̀ gbè é lẹ́yìn. Ó tún wà nínú Súrà náà, ní ẹsẹ 98, pé ìjọ Ànábì Yúnúsà gbàgbọ́ nígbà tí ìyà ti fẹ́ dé bá wọn, a sì gbé e kúrò lórí wọn. Èmi wà pẹ̀lú àwọn tó pọ̀, síbẹ̀ n kò gba ẹni tó ń fi Íbínù Árábì ṣe kèfèrí nítorí rẹ̀.

Ọmọ Ìdènà (Kétu)

Nínú Ẹ́ksódù, ẹ̀ẹ̀mejì ni Fáráò sọ pé òun ti ṣẹ̀, lẹ́yìn yìnyín àti lẹ́yìn eṣú, kò sì dúró lórí rẹ̀ bí ìyọnu bá ti lọ. Mo gbà pé mo yára pín ìyọnu márùn-ún yẹn. Ṣùgbọ́n Olùkọ́, orí 4, ẹsẹ 21, tí ẹ tọ́ka sí kò tíì jẹ́ kí n simi: ṣé Ọlọ́run kàn ń sọ ohun tó mọ̀ pé yóò ṣẹlẹ̀ ni, àbí ó ń sọ ohun tó ti pinnu láti ṣe?

Olùkọ́ Àgbà (Àjàṣẹ́)

Órígẹ́nì àti Wẹ́sílì yóò sọ pé ó mọ̀ ọ́n ni. Lútà yóò bi yín pé bí Ọlọ́run bá mọ̀ ọ́n láìlè ṣàṣìṣe, ọ̀nà wo ló kù fún Fáráò láti gbà yẹ̀ ẹ́. Wẹ́sílì ni mo tẹ̀ lé, nítorí ìwà Ọlọ́run tí mo rí nínú Jésù, kì í ṣe nítorí pé mo ti rí ẹni tó tú ìbéèrè Lútà náà pátápátá.

Ọ̀dọ́ Olùkéwú (Àjàṣẹ́)

Ìbéèrè yẹn ni mo ń bi láti òwúrọ̀.